Òfin Ọkọ̀ Ilé-Iṣẹ́, Láti Ìkọ̀lé Dé Ìdó

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní 2011, tí wọ́n sì fi apá kan rẹ̀ sí Ìkọ̀lé, òṣìṣẹ́ tó ń gbé ìlú kan tó sì ń ṣiṣẹ́ ní ìkejì kò ṣọ̀wọ́n mọ́ ní àríwá Èkìtì. Ìdó náà ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ọjà ń tẹ̀ lé èrò, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ aládàáni sì ń tẹ̀ lé ọjà. Ẹ jẹ́ ká fi ilé-iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ: ó ń pín ọjà, ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ wà ní Ìkọ̀lé, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìdó, ọkọ̀ mẹ́ta ló ní. Ó fẹ́ kọ òfin tí yóò máa darí ìlò àwọn ọkọ̀ náà.

Èmi a máa kọ́kọ́ wo ẹni tí irú òfin bẹ́ẹ̀ mú. Èyí tó wù mí ni èyí tó dárúkọ máníjà ṣáájú dírẹ́bà, nítorí ọkọ̀ tó ń sun ilé ọ̀gá ló sábà máa ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sóde. Ó yẹ kó kan ọkọ̀ tí wọ́n háyà pẹ̀lú, àti ọ̀kadà òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ra epo sí i láti fi jíṣẹ́.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ gan-an. Dírẹ́bà gba Ọ̀yẹ́ àti Ìfàkì lọ sí Ìdó, ó yà sí Ayédé lọ fi iṣu fún àna rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í, yóò ní, “Ẹ má bínú, ọ̀gá, kò jìnnà sọ́nà.” Bí òfin bá kàn sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣi ọkọ̀ lò, ta ni yóò dá ẹjọ́ náà? Òfin tó mọ́ yanjú á sọ pé ìrìn iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ àti ọ̀nà tí yóò gbà sínú ìwé, pẹ̀lú iye kìlómítà tó wà níwájú ọkọ̀. Ó parí nígbà tí wọ́n bá kọ iye tó bá padà dé. Ìyàkúrò ni ibikíbi tí kò sí nínú ìwé náà, àfi tí ọ̀nà bá dí, tí ọkọ̀ bá bàjẹ́, tàbí tí dírẹ́bà bá gbé ẹni tó fara pa lọ sí ilé-ìwòsàn, tó sì pe ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Inú mi dùn sí àyè ìkẹyìn yìí. Òfin tí kò bá ní in yóò kọ́ dírẹ́bà láti wakọ̀ kọjá lára ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀.

Kí ilé-iṣẹ́ fi ọkọ̀ tirẹ̀ wọn ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mélòó kan, kó sì fi kìlómítà díẹ̀ lé e fún ìdíwọ́. Bí ọkọ̀ tó máa ń fi lítà kan rin kìlómítà mẹ́wàá bá wá ń rin méje, wọ́n lè ti fa epo, ẹ́ńjìnnì sì lè ti ń ṣàìsàn. Mẹkáníìkì ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí kúẹ́rì tó jáde.

Gbígbé èrò gbowó gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ tirẹ̀, kó má kàn wà lábẹ́ ìyàkúrò. Adójútòfò tí wọ́n gbà fún ọkọ̀ aládàáni kì í sábà bo èrò tó sanwó, nítorí náà bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, gbèsè ńlá lè já lé ilé-iṣẹ́ lórí nítorí owó ọkọ̀ táṣẹ́rẹ́.

Ibi ìyà ni ọ̀pọ̀ òfin ti ń ṣubú. Wọ́n á kọ ọ́ pé ẹni tó bá yà kúrò lọ́nà yóò san ìtanràn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà nínú owó oṣù rẹ̀, dírẹ́bà á sì buwọ́ lù ú. Ìbuwọ́lùwé yẹn kò ran nǹkan kan. Abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò gba kí agbanisíṣẹ́ yọ ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ṣàdéhùn. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tó ṣàìbìkítà, wọ́n lè yọ iye tó bọ́ sí i, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n bá sì yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. Ká ní dírẹ́bà wa ń gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún (₦90,000), tí àìbìkítà rẹ̀ sì ba ọkọ̀ jẹ́ tó ₦150,000: ₦30,000 ló pọ̀ jù lóṣù, yóò sì gba oṣù márùn-ún.

Ìyà tó kù fún ilé-iṣẹ́ náà kò kéré: ìkìlọ̀ lórí ìwé, gbígba kọ́kọ́rọ́ fún ìgbà díẹ̀, ìdádúró, ìyọníṣẹ́ fún ẹni tó gbé èrò gbowó tàbí tó mutí wakọ̀. Kí kúẹ́rì ṣáájú gbogbo rẹ̀, kí wọ́n sì fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn láyè láti fèsì. Máníjà kì í sábà sí lára àwọn tí Òfin Iṣẹ́ náà pè ní òṣìṣẹ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí òfin ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ sọ pé ìgbésẹ̀ kan náà ni wọn yóò gbé lórí rẹ̀, kí wọ́n sì ka gbogbo rẹ̀ lédè Yorùbá sétí gbogbo wọn kí ẹnikẹ́ni tó gba kọ́kọ́rọ́.