Rírẹ́ Gírádíẹ́ǹtì nínú Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Àṣètúnṣe: Àríwísí lórí Bí A Ṣe Ń Yan Ààlà

1.0 Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá ń rìn láti Ọjà'ba lọ sí Bẹẹrẹ, tàbí láti Mápó lọ sí Bẹ́yẹrúnkà ní Ìbàdàn, yóò rí i pé ọ̀pọ̀ orúkọ tí a kọ sára pátákó kò ní àmì ohùn. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ bí yóò ti pè wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀rọ bá rí `bere`, kò lè mọ̀ bóyá bẹ̀rẹ̀ ni tàbí Bẹẹrẹ, àfi bí ó bá rántí ohun tí ó ti kà ṣáájú. Ní ọdún 2018, Iroro Orife gbé iṣẹ́ kan jáde lórí dídá àmì padà sára ọ̀rọ̀ Yorùbá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àṣètúnṣe sì wà lára àwọn ẹ̀rọ tí ó lò. Irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí a máa ka gbólóhùn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a sì máa gbé ohun tí ó rántí láti orí ẹyọ kan dé orí èkejì.

Ìrántí yìí gan-an ni ìṣòro rẹ̀ ti ń wá. Nígbà tí a bá ń kọ́ ọ, ó lè ṣe dáadáa fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí àṣìṣe rẹ̀ sì ṣàdédé fò sókè, kí gbogbo ohun tí ó ti kọ́ dàrú. Fún ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, tí iná sì lè lọ nígbàkigbà, àdánù ńlá ni èyí. Oògùn tí gbogbo ènìyàn ń lò fún un ni rírẹ́ gírádíẹ́ǹtì. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni láti fi hàn pé oògùn náà dára, ṣùgbọ́n pé ọ̀nà tí a fi ń wọ̀n ọ́n kù díẹ̀ káàtó.

2.0 Bí gírádíẹ́ǹtì ṣe ń bú gbàmù

Gírádíẹ́ǹtì ni àkójọ òǹkà tí ó ń sọ ìhà tí àṣìṣe ẹ̀rọ ti ń pọ̀ sí i, àti bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ ti le tó, kí ẹ̀rọ lè gba òdì kejì. Nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì àṣètúnṣe, a ní láti gbé e padà láti ẹyọ tí ó gbẹ̀yìn dé ẹyọ àkọ́kọ́, a sì ń sọ ọ́ di ìlọ́po ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn `Lati Ojaba lo si Bere`. Bí a bá ka àlàfo mọ́ ọn, ẹyọ 21 ni, nítorí náà ìgbésẹ̀ 20 ni ó wà láàrin ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn. Ká sọ pé ìlọ́po ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1.2: gírádíẹ́ǹtì yóò di ìlọ́po bí 38 kí ó tó dé ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá wá fi `ki o to de Mapo` kún un, ẹyọ di 37, ìgbésẹ̀ di 36, ìlọ́po náà sì di bí 709. Gbólóhùn náà kò tilẹ̀ gùn tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n gírádíẹ́ǹtì ti ju ìlọ́po 18 lọ. Bí ìlọ́po bá jẹ́ 0.8, òdì kejì ni yóò ṣẹlẹ̀: gírádíẹ́ǹtì yóò pòórá. Rírẹ́ kò lè wo ìpòórá yìí sàn, nítorí a kì í rẹ́ ohun tí kò sí.

3.0 Àbá Pascanu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀

Ní ọdún 2013, Pascanu, Mikolov àti Bengio dá a lábàá pé kí a wọn gígùn gírádíẹ́ǹtì, kí a sì dín in kù bí ó bá ti kọjá ààlà kan. Bí gírádíẹ́ǹtì bá jẹ́ (30, 40), gígùn rẹ̀ jẹ́ 50. Bí ààlà bá jẹ́ 5, a ó pín in sí ìdá mẹ́wàá, yóò sì di (3, 4). Ìhà tí ó kọjú sí kò yí padà. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó kúrú. Àwọn mìíràn a máa rẹ́ òǹkà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, tí yóò fi di (5, 5). Èyí náà ń dá ẹ̀rọ dúró, ṣùgbọ́n ó ti yí ìhà padà. Ní tiwa, ọ̀nà ti àkọ́kọ́ ni ó sàn jù.

Ibi tí a ti ní àríwísí ni yíyan ààlà. Àwọn onímọ̀ wọ̀nyí ní kí a wo ìpíndọ́gba gígùn lórí àtúnṣe tí ó pọ̀ tó, àti pé ààlà tí ó wà láti ìdajì ìpíndọ́gba náà dé ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ lè ṣiṣẹ́. Ká wá sọ pé nínú àtúnṣe 100, 99 ní gígùn 2, ẹyọ kan sì ní 4,000. Ìpíndọ́gba wọn súnmọ́ 42. Ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 420, èyí tí í ṣe ìlọ́po 210 gígùn tí ó wọ́pọ̀. Ìbúgbàmù tí à ń fẹ́ ká mọ́ ni ó fúnra rẹ̀ gbé ààlà sókè, bí a bá sì ń fi àtúnṣe kún un tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣì ń wáyé lẹ́ẹ̀kan nínú 100, ọ̀rọ̀ kò yí padà. Èrò wa ni pé òǹkà àárín, èyí tí ó bọ́ sí àárín gbùngbùn nígbà tí a bá to gbogbo gígùn láti kékeré dé ńlá, ni ó yẹ kí a lò. Nínú àpẹẹrẹ yìí, 2 ni òǹkà àárín. A lè fi ààlà sí 4.

Àṣà yíyá ààlà lò tún burú ju èyí lọ. Sutskever, Vinyals àti Le lo ààlà 5 ní ọdún 2014, ọ̀pọ̀ sì ti lo 5 tẹ̀lé wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ pín gírádíẹ́ǹtì fún 128, tí í ṣe iye gbólóhùn inú ìdìpọ̀ wọn, kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ẹni tí kò bá pín tirẹ̀, tí ó sì lo 5 kan náà lórí ìdìpọ̀ 128, ti fún ẹ̀rọ rẹ̀ ní ìlọ́po 128 ju bí wọ́n ti ṣe lọ.

4.0 Ìlànà àyẹ̀wò

Kí a tó rẹ́ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n. Nínú `PyTorch`, iṣẹ́ tí ó ń rẹ́ gírádíẹ́ǹtì a máa dá gígùn rẹ̀ ṣáájú rírẹ́ padà fún wa. Bí a bá fún un ní ààlà tí kò lópin, wíwọ̀n nìkan ni yóò ṣe:

```
loss.backward()
g = clip_grad_norm_(model.parameters(), float('inf'))
print(step, loss.item(), g.item())
opt.step()
```

Kí ìlà kejì wà ṣáájú `opt.step()`. Bí ó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ ti gbé ìgbésẹ̀ kí a tó rẹ́ ẹ. Lẹ́yìn bí àtúnṣe 500, kí a ka ohun tí a tẹ̀ jáde.

Bí gígùn bá wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, tí ó sì ń yọ ṣóńṣó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí àṣìṣe sì ń fò sókè lẹ́yìn ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan, ìbúgbàmù ni a fura sí. Bí àṣìṣe bá ń fò láìsí ṣóńṣó kankan, ìwọ̀n ìgbésẹ̀ ni ó ga jù. Kí a dín in kù. Bí gígùn bá sì ga láti àtúnṣe àkọ́kọ́ láìsọ̀kalẹ̀, kí a wò ó bóyá a ń ro àṣìṣe gbogbo ẹyọ pọ̀ láìpín in.

Láti mọ̀ dájú, kí a gé àwọn gbólóhùn sí ẹyọ 10, lẹ́yìn náà 20, lẹ́yìn náà 40, kí a sì tún wọ̀n ọ́n. Bí ṣóńṣó bá ń ga sí i ju bí gbólóhùn ti ń gùn lọ, àṣètúnṣe ni ó fà á. Bí kò bá yí padà, kí a yẹ àwọn gbólóhùn inú ìdìpọ̀ tí ó yọ ṣóńṣó wò fínnífínní. A lè rí ìlà tí a kọ àmì rẹ̀ ní àkọpọ̀, tàbí tí kì í tilẹ̀ ṣe Yorùbá. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá: bí ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ bá ní àbùkù, rírẹ́ yóò kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Bí `nan` bá ti jáde, ó ti pẹ́ jù, nítorí kò sí òǹkà tí a lè fi sọ `nan` di ìlọ́po tí yóò di òǹkà gidi. Kí a padà sí ibi tí a ti fi ẹ̀rọ pamọ́ kẹ́yìn.

Lẹ́yìn tí a bá fi ààlà sí i, kí a máa ka iye ìgbà tí a ń rẹ́. Bí ó bá jẹ́ díẹ̀ nínú 100, ó dára. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìgbà, gbogbo ìgbésẹ̀ ti di ọgbọọgba, ẹ̀rọ kò sì mọ ìyàtọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó sí ilẹ̀ títẹ́jú mọ́.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

A kò ní kí a má rẹ́ gírádíẹ́ǹtì. Ohun tí a ń wí ni pé ààlà kì í ṣe òǹkà àyálò, kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi ìpíndọ́gba mú. Ọ̀rọ̀ yìí kan iṣẹ́ àmì ohùn gbọ̀ngbọ̀n, nítorí àwọn gbólóhùn gígùn, tí ọ̀rọ̀ ìparí wọn gbára lé ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀, ni ààlà tí ó há jù máa ń kọ́kọ́ dín ohùn wọn kù. Àwọn gan-an sì ni a tìtorí wọn yan ẹ̀rọ tí ó ní ìrántí.