Owó Arọ Ni, àbí Òwú Aró?

Mi ò bá ti dákẹ́, bí kì í bá ṣe pé ẹlẹgbẹ́ mi kan ti fi ojú ewé ànjẹmí kan láti Sékọnà, lẹ́bàá Ẹdẹ, ṣe ẹ̀rí ọ̀rọ̀ tí ojú ewé náà kò sọ. Ìlà méjì Yorùbá ló wà ní etí ìwé Lárúbáwá kan tó ti ya, ìwé ilé àlùfáà kan. Ẹlẹgbẹ́ mi kò débẹ̀. Fọ́tò ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ó kà á sí "owó arọ, ìkókó mẹ́ta," ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí sàárà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún arọ àti ọmọ tuntun mẹ́ta. Ó wá fi Tìmì Àbíbù Lágunjú, ọba Mùsùlùmí tó jẹ ní Ẹdẹ ní ọ̀rúndún 19, gbè é lẹ́sẹ̀: níbi tí ọba ti ń kírun, sàárà kò ní ṣàì pọ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ kàwé fún wa, lẹ́tà ni.

Ohun tí lẹ́tà wí nìyí. Ọ̀rọ̀ kìíní jẹ́ álífù tó ní dáḿmà àti wáwù tó ní dáḿmà. Ìkejì jẹ́ álífù tó ní fátáhà àti ráà tó ní dáḿmà. Gbogbo ẹni tó ti jókòó ti ànjẹmí mọ̀ pé dáḿmà kan ṣoṣo ló ń ru "u", "o" àti "ọ" pọ̀, pé kò sì sí àmì ohùn kankan. Nítorí náà ọ̀rọ̀ kìíní lè jẹ́ owó, òwò, òwú, ọwọ́, ọ̀wọ̀ tàbí ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀. Ìkejì lè jẹ́ aró tàbí arọ. Ẹlẹgbẹ́ mi mú èyí tó bá ìwàásù mu. Ọ̀rọ̀ kẹta ńkọ́? Álífù pẹ̀lú kásírà, káfù méjì pẹ̀lú dáḿmà: ìkókó ni, ìkòkò sì ni.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é ni pé mo á kọ́kọ́ da lẹ́tà kọ sí ábídí wa láìfi ohùn kankan sí i, mo á to gbogbo ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe sísàlẹ̀, kí n tó jẹ́ kí gbólóhùn yàn láàárín wọn. Bí ìlà yìí bá jẹ́ ti owó, iye dà? Àwọn tó ń ṣírò owó ẹyọ kì í kọ "owó" kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kẹ́, ẹgbàá tàbí igba á tẹ̀lé e. Iye tó wà níbẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, ìkòkò ló sì so mọ́. Òwú aró, ìkòkò mẹ́ta: ìyẹn ni ẹnu aláró. Ó ní òwú tó fẹ́ rẹ, ó ní ìkòkò aró tí yóò rẹ ẹ́ sí.

Ní tòótọ́, ìyẹn nìkan kò tó láti borí ẹni tó bá ta kú. Ìlà kejì ni mo gbára lé, òun gan-an sì ni fọ́tò ẹlẹgbẹ́ mi gé. Ẹni tó ya á gbé fóònù sún mọ́ àárín jù, etí òsì bọ́ sóde, bẹ́ẹ̀ apá òsì ni ìlà Lárúbáwá ń parí sí. Nígbà tí mo dé Sékọnà, mo ní kí wọ́n tún un yà nítòsí fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìwé hàn, kí wọ́n sì ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn wá fara hàn: álífù, lẹ́yìn náà láámù tó ní dáḿmà. Kò sí kásírà lábẹ́ álífù náà. Àmì tóótó kan, tó ki díẹ̀, ló wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ kásírà ni, ìlú tàbí ìlù là bá kà. Tóótó yìí jẹ́ ti imálà, tí àwọn tó ń ka Kùránì ní ọ̀nà Wáṣì máa ń fi sí abẹ́ lẹ́tà, tí àwọn tó ń kọ Yorùbá sì yá lò fún "e" àti "ẹ". (Kò bá tóótó abẹ́ ẹ wa òde òní tan rárá, bí wọ́n tilẹ̀ jọra.) Èyí tí mo kà ni ẹ̀lú, ewé tí wọ́n ń gún, tí wọ́n ń sá, tí wọ́n fi ń ṣe aró.

Àmọ́ tàdáwà máa ń là kọjá. Tóótó lè jẹ́ ìdí lẹ́tà kan láti ẹ̀yìn ìwé. Mo yí fọ́tò ẹ̀yìn náà padà bí inú dígí, mo gbé e lé ti iwájú. Níbi tí tóótó wà, òfìfo ni ẹ̀yìn. Lábẹ́ mímù "mẹ́ta" náà, tóótó kan wà tó tóbi tó o, tó dúdú tó o.

Ẹlẹgbẹ́ mi dá mi lóhùn pé ohùn tí mo fi sí i, èmi ni mo fi í. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ yìí sì dùn mí ju bí mo ṣe fẹ́ gbà lọ, nítorí èmi náà ti tẹ ìtumọ̀ jáde rí tí mo kọ ohùn sí gbogbo sílébù bí ẹni pé akọ̀wé ló fi wọ́n sí i. Láti ìgbà náà, ìlà méjì ni mo ń tẹ̀ fún òǹkàwé: òkè ni lẹ́tà láìsí ohùn, *uwu aru ikuku*, ìsàlẹ̀ ni Yorùbá tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ jà, kó fi òkè jà mí. Ó yẹ kí ẹlẹgbẹ́ mi náà tẹ òkè tirẹ̀ jáde; títí di òní, mi ò tíì rí i.