Òǹkà Kan, Ìtumọ̀ Méjì: Àgbéyẹ̀wò Ìjábọ̀ Iṣẹ́ Pápá lórí Ewéko Ìlọrin

Nínú àwọn ìjábọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ lórí ewéko ilẹ̀ ọ̀dàn tó yí Ìlọrin ká, àléébù kì í sábà wà nínú kíkà bí ó ṣe ń wà nínú ìtumọ̀ ohun tí a kà. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìwọ̀n-kíkún àti ìwọ̀n-ọ̀pọ̀, tí wọ́n máa ń lò bí ọ̀rọ̀ kan náà, yàtọ̀ síra.

Kúọ́díráàtì ni férémù onígun mẹ́rin, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mítà 1, tí a ń gbé sílẹ̀ láti ka ewéko inú rẹ̀. Tíránsẹ́ẹ̀tì ni okùn gbọọrọ tí a ta sórí ilẹ̀ kí férémù lè tò tẹ̀ lé e. Bí ewéko bá ń yí padà láti etí Odò Asà lọ sí orí òkè, odò sí òkè náà ni kí okùn ó lọ. Bí okùn bá bá etí odò rìn, ewéko ibi olómi nìkan ni yóò bá pàdé.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan fún àlàyé. A lo férémù 10. A rí ìdí koríko 2 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ 20. A rí ìdí Akíntọ́lá 20 bákan náà, ṣùgbọ́n inú férémù 2 péré ni gbogbo rẹ̀ wà. Fún ìwọ̀n-kíkún, gbogbo ilẹ̀ tí a yẹ̀ wò ni a ó fi pín in:

20 ÷ 10 = 2

Méjì-méjì ni ewéko méjèèjì jẹ́ lórí mítà 1 níbùú lóròó. Fún ìwọ̀n-ọ̀pọ̀, férémù tí ewéko ti fara hàn nìkan ni a ó fi pín in. Koríko yóò jẹ́ 20 ÷ 10 = 2, Akíntọ́lá yóò jẹ́ 20 ÷ 2 = 10.

Ìyàtọ̀ yìí fi hàn pé koríko tàn ká, Akíntọ́lá sì ṣù jọ sójú kan. Bí ìjábọ̀ bá pe 10 ní ìwọ̀n-kíkún, àgbẹ̀ tó gbà á gbọ́ yóò retí ìdí Akíntọ́lá 100,000 lórí hẹ́kítà kan, nígbà tí òǹkà gan-an fi 20,000 hàn. Owó alágbàṣe tí yóò yà sọ́tọ̀ yóò di ìlọ́po márùn-ún.

Àṣìṣe kejì ni lílo férémù kékeré kan náà fún igi òrí. Bí igi 1 bá bọ́ sínú férémù 10, ìṣirò yóò sọ pé igi 1,000 ló wà lórí hẹ́kítà kan. Ìyẹn ni pé igi kọ̀ọ̀kan kò ní ju nǹkan bíi mítà 3 níbùú lóròó lọ, bẹ́ẹ̀ ìbòòji òrí tó ti dàgbà fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú iye báyìí ń tú ara rẹ̀ fó. Férémù mítà 20 sí 20 ló bá igi mu.

Nítorí náà, kí ìjábọ̀ tó kéde iye kankan, ó yẹ kí ó kọ iye férémù, ìwọ̀n rẹ̀, àti iye férémù tí ewéko ti fara hàn. Ẹni tó bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú àpapọ̀ tí a kà lè tún ìṣirò náà ṣe fúnra rẹ̀.