Ta Ló Ni Ilé Kẹrin, Bàbá Tàbí Ìyá?

Bí àwọn ọ̀dọ́ bá gbé àwòrán ìràwọ̀ ìbí wọn sójú fóònù, òkè ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ wò, níbi tí wọ́n ti ń wá iṣẹ́ àti òkìkí. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni èmi fẹ́ ká wò. Ibẹ̀ ni àwọn awòràwọ̀ ń pè ní ìsàlẹ̀ ọ̀run, IC lójú áàpù. Ibi tí oòrùn máa ń wà ní nǹkan bí ọ̀gànjọ́ òru ni, lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, níbi tí ojú ò lè tó. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ pe ilé tó wà níbẹ̀, ilé kẹrin, ní abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ ni gbòǹgbò wà: ìdílé, òbí, ilẹ̀ àti ogún.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òbí wo? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn nìyẹn.

William Lilly, awòràwọ̀ ará Ìlú Òyìnbó tó tẹ ìwé Christian Astrology jáde ní 1647, kò ṣe iyèméjì rárá. Bàbá ló ni ilé kẹrin, pẹ̀lú ilẹ̀, ilé, ogún, ohun tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, àti òpin ọ̀rọ̀. Ilé kẹwàá, tó dojú kọ ọ́ lókè, ló fún ìyá. Ní ọ̀rúndún ogún, ọ̀pọ̀ awòràwọ̀ ìwọ̀-oòrùn yí i padà. Ìrònú wọn rèé: àmì kẹrin láàrin àwọn àmì méjìlá ni Akàn, Òṣùpá ló ni Akàn, Òṣùpá sì ni ìyá, torí náà ìyá ló ni ilé kẹrin. Àwọn ará Íńdíà náà ti fi ibẹ̀ fún ìyá tipẹ́, nínú ètò tiwọn tó yàtọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn tó ń ka àwòrán fún wa lórí ayélujára kì í sọ ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Wọ́n á kàn ní, "Wo ilé kẹrin ẹ, òbí ẹ ló ṣe ẹ́ báyìí."

Ẹ jẹ́ ká dán an wò lórí ẹnì kan tí ìgbésí ayé rẹ̀ wà ní gbangba: Barack Obama. Ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2011 sọ pé aago 7:24 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n bí i ní Honolulu, ní 4 Oṣù Kẹjọ 1961. Ó ṣọ̀wọ́n kí aago ìbí dájú tó báyìí. (Bi màmá tìẹ léèrè, ó ṣeé ṣe kó sọ fún ẹ pé "ẹ̀yìn ìgbà tí òjò dá ni.") Apọnmi ló ń yọ níhà ìlà-oòrùn nígbà náà. Ìsàlẹ̀ ọ̀run bọ́ sínú Akọ Màlúù, ní nǹkan bí ìwọ̀n 28. Òṣùpá wà nínú Ìbejì, ní nǹkan bí ìwọ̀n 3, ìyẹn ni pé kò ju bí ìwọ̀n márùn-ún lọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀run náà.

Ká fi ojú Lilly wò ó ná. Bàbá ló ni ibẹ̀, Akọ Màlúù ló sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Àmì tó dúró ṣinṣin ni, àmì ilẹ̀, tí kì í fẹ́ kúrò níbi tó bá wà. Bàbá tó fẹsẹ̀ rinlẹ̀ nílé lèèyàn máa retí. Bàbá Obama kúrò ní Hawaii lọ sí Harvard ní 1962, ó padà sí Kẹ́ńyà ní 1964, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì padà wá wo ọmọ rẹ̀, ní 1971. Ó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní Nairobi ní 1982. Kò bára mu rárá.

Ká wá lọ sọ́dọ̀ àwọn tòde òní. Ìyá ló ni ibẹ̀, Òṣùpá ìyá sì wà níbẹ̀, nínú Ìbejì, àmì ohun méjì àti ìrìn kiri. Àrà! Ìyá rẹ̀, Ann Dunham, mú un lọ sí Jakarta ní 1967, ó rán an padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Honolulu ní 1971. Ilé méjì, erékùṣù méjì, èdè méjì. Ó bára mu débi pé èèyàn fẹ́ pàtẹ́wọ́.

Má tíì pàtẹ́wọ́. Ètò pínpín ilé tí wọ́n ń pè ní Placidus, tí ọ̀pọ̀ áàpù ń lò, ló fi Òṣùpá sí ilé kẹrin. Bí a bá lo ètò àtijọ́ tó ń fi odindi àmì kan ṣe ilé kan, Apọnmi di ilé kìíní, Akọ Màlúù di ìkẹrin, Ìbejì sì di ìkarùn-ún, ilé àwọn ọmọ. Òṣùpá ti kó kúrò nílé! Awòràwọ̀ tó bá gbọ́n á ní ìyẹn ò ṣe nǹkan, ó ṣì sún mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀run. Bó bá tún fẹ́, á ní Akọ Màlúù kì í ṣe bàbá, ìyá ìyá rẹ̀ ni, torí àmì owó ni, Madelyn Dunham sì jẹ́ igbákejì ààrẹ ní Bank of Hawaii, òun náà ló sì gba ọmọ náà tọ́. Ìyẹn náà bára mu. Ẹ ti rí ìṣòro náà báyìí: gbogbo rẹ̀ ló ń bára mu lẹ́yìn tá a bá ti mọ ìtàn.

Tún wo aago. Ìsàlẹ̀ ọ̀run ń sún ní nǹkan bí ìwọ̀n kan láàrin ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ká ní nọ́ọ̀sì kọ 7:34 dípò 7:24, á ti bọ́ sínú Ìbejì, Àgùàlà ò ní jẹ́ olówó ilé mọ́, Mẹ́kúrì ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré o. Lọ́dọ̀ tiwa, tí wọ́n bá lọ bi Ifá nípa ọmọ tuntun, a kì í béèrè ìṣẹ́jú.

Síbẹ̀, mi ò ní ju ilé kẹrin nù, torí ìwé kan ló jẹ́ kí n mú Obama. Ó tẹ Dreams from My Father jáde ní 1995. Bàbá ló wà lójú ìwé, òun ló ń wá kiri dé Kẹ́ńyà. Ìyá rẹ̀ kú lóṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ìwé jáde. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú àtúntẹ̀ 2004, ó sọ pé ká ní òun mọ̀ pé kò ní yè é, bóyá ìwé mìíràn lòun ì bá kọ, èyí tí kò ní dá lé òbí tí kò sí nílé tó bẹ́ẹ̀, tí á sì yin èyí tó dúró ti òun.

Àríyànjiyàn Lilly àtàwọn tòde òní gan-an nìyẹn, nínú ọkàn ọmọ kan ṣoṣo. Èwo ni gbòǹgbò: òbí tí a ń wá ni, àbí èyí tó wà níbẹ̀? Ìbéèrè yẹn ni ilé kẹrin mọ̀ ọ́n bi, ìdáhùn ló ń kùnà. Èdè wa ti mọ̀ ọ́n látilẹ̀: ọmọ ìyá lọ̀tọ̀, ọmọ bàbá lọ̀tọ̀.

Ìdí rèé tí mo fi ń bínú sí àwọn tó ń fi Sátọ̀n nílé kẹrin dá òbí lẹ́bi. "Bàbá ẹ ò nífẹ̀ẹ́ ẹ." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kó o tó gbà, wọ inú ètò áàpù ẹ, yí Placidus padà sí odindi àmì, kó o wò ó bóyá Sátọ̀n ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, bi ẹni tó kà á fún ẹ bóyá ilé bàbá ló kà ni, àbí ilé ìyá.