Àyànmọ́ tàbí Àfọwọ́fà: Wákàtí Kan nínú Ìtàn Kúkurú Kan

Ohun tí bébà yìí gbé yẹ̀wò ni bí àṣìṣe wákàtí kan ṣe gbé àhunpọ̀ ìtàn ró, àti bóyá ìparí ìtàn náà bá àṣìṣe ọ̀hún mu.

Olú ẹ̀dá-ìtàn jẹ́ oníṣòwò aṣọ láti Bàrúwà, ní Àlímọ̀ṣọ́, tí ó lọ ra ọjà ní Lómè. Òun ni àkọ́bí. Òun ni yóò gba àwọn àna lálejò níbi ìdána àbúrò rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ó kúrò ní Lómè ní aago kan ọ̀sán. Wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ni ó ṣírò dé Kùtọnu, níbi tí bọ́ọ̀sì Èkó yóò ti gbéra ní aago márùn-ún. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni aago ọwọ́ rẹ̀ wí nígbà tí ó dé, ṣùgbọ́n aago ìdíkọ̀ ti di márùn-ún ààbọ̀. Bọ́ọ̀sì ti lọ. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì ká ọkọ̀ mìíràn.

Òótọ́ ni ìpìlẹ̀ ìṣirò yìí. Aago Nàìjíríà àti ti Bẹ̀nẹ̀ dọ́gba, ti Tógò sì fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá kọjá ní Sẹ̀mẹ̀ kò ní rí ìyàtọ̀ kankan; Hilakọ́ńjì ni aago ti ń yí. Òǹkọ̀wé ti ta òǹkàwé lólobó ṣáájú: ní àlọ, onílé kan ní Lómè sọ fún ọkùnrin náà pé aago rẹ̀ ń sáré. Ó rò pé aago náà ti gbó, ó sì fà á sẹ́yìn ní wákàtí kan. Jules Verne lo irú ọgbọ́n yìí nínú ìwé ìtàn rẹ̀ nípa ẹni tí ó fi 80 ọjọ́ yí ayé ká (1873): ìránṣẹ́ kọ̀ láti yí aago rẹ̀ kúrò ní ti Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀, ọjọ́ kan tí a kò kà ni ó gba ọ̀gá là. Níhìn-ín, wákàtí kan ni ó dójú ti àkọ́bí.

Ìparí ni iṣẹ́ náà ti yẹ̀. Asọ̀tàn ní àyànmọ́ ni ó dá ọkùnrin náà dúró. Bí ó bá jẹ́ ẹnu ẹ̀dá-ìtàn ni gbólóhùn yìí ti wá, à bá ní ó ń wá ibi tí yóò sá sí lójú àna. Ṣùgbọ́n ohùn asọ̀tàn ni, ohùn kan náà tí ó fi ọwọ́ tí ó fa aago sẹ́yìn hàn wá. Àfọwọ́fà ni èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àìmọ̀ ni ó bí i.

Ní àkótán, ìtàn náà lágbára níbi tí ó ti jẹ́ kí aago sọ̀rọ̀. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ àyànmọ́ sí ẹnu ọkùnrin náà, òǹkàwé fúnra rẹ̀ yóò dá ẹjọ́ náà.