Agolo Bọ́ńfítà Lórí Tábìlì Olùkọ́

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ ìṣòwò tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ń kà, ojú ìwé kan péré ni wọ́n fi ń parí ọ̀rọ̀ oríṣi ilé iṣẹ́ mẹ́ta. Àgbẹ̀, apẹja àti awakùsà wà ní ẹ̀ka kìn-ín-ní. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, ti bíà àti ti aṣọ wà ní ẹ̀ka kejì. Báńkì, ọkọ̀ èrò àti ilé ìwòsàn wà ní ẹ̀ka kẹta. Ọmọ á há a sórí. Bí ìdánwò bá béèrè báńkì, ó ti gbà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í léèrè ilé tí wọ́n ti ń ra kòkó ní òdìkejì títì ilé wọn, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè àjà.

Olùkọ́bìnrin kan wà ní ìlú Oǹdó tí mo lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀. Òun kì í fi òpó mẹ́ta yẹn bẹ̀rẹ̀. Agolo Bọ́ńfítà kan ló gbé ka orí tábìlì, kò sì sọ ìtumọ̀ ohunkóhun. Ó ní, "Níbo lẹ ti ń ra èyí?" Wọ́n ní ní ṣọ́ọ̀bù ìyá tó wà lẹ́bàá géètì. "Kí ni ìyá náà ṣe sí i kó tó tà á fún yín?" Kíláàsì dákẹ́, àfi ọmọ kan tó ní, "Ó nu eruku orí rẹ̀, Mà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìdáhùn yẹn lọ lásán. Ó ní kí wọ́n wò ó dáadáa: iye tí ìyá yẹn ń tà á ju iye tó rà á lọ. Bó bá jẹ́ eruku nìkan ló nù, kí wá ni wọ́n ń san èlé yẹn fún? Wọ́n rò ó díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè lọ ra ẹyọ kan péré ní ilé iṣẹ́. Ìyá yìí ló ń ra páálí, tó ń tà á lẹ́yọ, tó sì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù di alẹ́. Ọjà náà jáde lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe wọlé, mímú tó mú un wá sítòsí ni wọ́n ń sanwó fún. Olùkọ́ kọ ọ́ sójú pátákó. Ó fi ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé e wá láti Ìkẹjà kún un, àti báńkì tó yá ìyá náà lówó ọjà. Ẹ̀ka kẹta ti dé, kò sì tíì pe orúkọ rẹ̀.

Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé láti ẹ̀yìn ló ti ń bọ̀. Inú oko ni ìwé máa ń gbà bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọjà ti ń ṣẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó gba owó lọ́wọ́ ọmọ lòun ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ọmọ náà ti fojú ara rẹ̀ rí i tí owó yí ọwọ́ padà. Láti ibẹ̀, ìbéèrè kan náà ló ń gbé lọ sẹ́yìn láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì: kí ló wọlé, kí ló jáde, kí ni ẹni tó rà á ń sanwó fún?

Ó gbé e dé Ágídíǹgbí ní Ìkẹjà, níbi tí Kádíbọ́rì wà. Ẹ̀tù kòkó, ṣúgà, ohun tí wọ́n fi ọkà ṣe àti wàrà ń wọlé. Bọ́ńfítà ló ń jáde. "Ta ló lè yọ ṣúgà inú rẹ̀ padà fún mi?" Kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́. Ẹ̀ka kejì nìyẹn.

Mo rò pé ó máa fò sínú oko láti ibẹ̀, bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣe máa ń ṣe. Kò fò. Ó ní, "Ẹ̀tù kòkó yẹn, ṣé lórí igi ló ti ń já?" Ó wá mú wọn padà sí ìlú tiwọn, sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ kòkó fún Kádíbọ́rì ní Oǹdó. Wọ́n á yan èso kòkó, wọ́n á fẹ́ èèpo rẹ̀ kúrò, wọ́n á wá lọ inú rẹ̀ títí á fi máa ṣàn, nítorí pé nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ ọ̀rá. Ẹ̀rọ á fún un: ọ̀rá gba ọ̀tọ̀, èèrí tó le gbagidi gba ọ̀tọ̀. Èèrí yẹn ni wọ́n ń lọ̀ di ẹ̀tù. Ilé iṣẹ́ méjì ló wá tò tẹ̀ léra, ẹ̀ka kejì sì ni àwọn méjèèjì. Ohun tó jẹ́ ọjà tó ti parí lẹ́nu géètì Oǹdó ló jẹ́ èlò lásán lẹ́nu géètì Ìkẹjà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló gbà pé ohun tí a lè jẹ tàbí kí a lò lójú ẹsẹ̀ nìkan ni ẹ̀ka kejì ń ṣe. Ibi tí olùkọ́ yìí dúró sí yìí ló tú èrò yẹn ká, kò sì fi ìkìlọ̀ kankan kún un.

Lẹ́yìn náà ló tó dé oko, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn. Ọmọkùnrin kan, tó dájú pé ó ti bá wọn la kòkó rí, dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, bàbá mi náà ń yí i padà. Tí a bá la kòkó, ó funfun, ó ń yọ̀, ó sì tutù. A á kó o jọ, a á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà títí á fi gbóná, lẹ́yìn náà a á sá a sóòrùn. Àwọ̀ rẹ̀ yí padà, òórùn rẹ̀ yí padà. Kí ló dé tí tiwa ò fi sí ní ẹ̀ka kejì?"

Ìbéèrè ńlá ni. Ọmọ náà ò purọ́: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ewé yẹn ló ń fún kòkó ní adùn rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè dá adùn náà padà sí i bí àgbẹ̀ bá ti bà á jẹ́. Olùkọ́ mìíràn ì bá ní bí ìwé ṣe wí nìyẹn. Òun bi í pé, "Èyí tó gbẹ, kí ni wọ́n ń pè é ní sítọ́ọ̀?" "Kòkó." "Èyí tó tutù ńkọ́?" "Kòkó náà ni, Mà, ṣùgbọ́n wọn ò ní rà á." "Ó dáa. Iṣẹ́ tó mú irè oko dé ibi tí ọjà àkọ́kọ́ ti lè gbà á, iṣẹ́ oko ni." Ó fi epo pupa wé e: ẹni tó kó ẹyìn wọlé tó sì gbé epo jáde ti kúrò ní ẹ̀ka kìn-ín-ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó sọ ẹ̀gẹ́ di gàrí.

Ìdáhùn yẹn bá ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ń pín iṣẹ́ mu. Nínú ìlànà náà, títọ́jú èso kòkó lẹ́yìn ìkórè àti yíyọ irúgbìn kúrò lára òwú wà lábẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣùgbọ́n fífún epo wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ aṣèmújáde. Síbẹ̀, ìdánwò orúkọ yìí kò ká ohun gbogbo, olùkọ́ náà sì sọ ọ́. Ìrẹsì tó ṣì wà nínú èèpo, ìrẹsì ni a ń pè é. Èyí tí ẹ̀rọ ti bó, ìrẹsì náà ni. Síbẹ̀ ẹ̀ka kejì ni ilé iṣẹ́ tó ń bó ìrẹsì wà nínú ìlànà yẹn. Níbi tí orúkọ bá ti tàn wá, ó ní kí wọ́n wo ohun tí ẹ̀rọ ṣe: ó bó èèpo, ó ha èèrí ara rẹ̀ kúrò, ohun mẹ́ta sì ni wọ́n ń kó jáde nínú ohun kan tó wọlé.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀ ló kàn. Ó mú sìmẹ́ńtì Dáńgótè ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, ìpínlẹ̀ Ògùn. Wọ́n ń wa òkúta ẹfun nínú ilẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n ń fi iná tó gbóná tó nǹkan bí 1,450 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì sun ún, wọ́n ń lọ ohun tó jáde mọ́ jípúsọ́ọ̀mù, wọ́n tún ní ọkọ̀ tó ń gbé e kiri. Ẹ̀ka wo ni? Kíláàsì pín sí mẹ́ta gẹ́lẹ́. Ó padà sí ìbéèrè rẹ̀: ta ló ń ra òkúta lọ́wọ́ wọn? Àpò sìmẹ́ńtì ni àwọn oníbàárà ń sanwó fún, inú sísun àti lílọ̀ ni iye rẹ̀ ti gòkè jù, ẹ̀ka kejì ni. Bí àwọn oníṣirò ìjọba náà ṣe ń ṣe é nìyẹn: ibi tí iye ọjà bá ti gòkè jù lọ ni wọ́n ń fi ilé iṣẹ́ sí.

Ọmọbìnrin kan ní àbúrò bàbá òun ń wa tírélà níbẹ̀, ṣé ẹ̀ka kejì lòun náà wà? Olùkọ́ ní ilé iṣẹ́ tó ń sanwó oṣù rẹ̀ ló wà ní ẹ̀ka kejì. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ìrìnnà ni. Bó bá fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ lọ́la, tó ra tírélà tirẹ̀, tó ń gbé sìmẹ́ńtì kan náà gba títì kan náà, ilé iṣẹ́ tirẹ̀ bọ́ sí ẹ̀ka kẹta.

Ó yára kọjá lórí Júlíọ́sì Bẹ́gà àti MTN. Afárá kì í gba ẹnu géètì jáde, síbẹ̀ ẹ̀ka kejì ni àwọn tó ń kọ́ ọ. Síìmù ṣeé dì mú lọ́wọ́, síbẹ̀ ìpè ni à ń san owó fún.

Ibì kan wà tí n kò bá a gbà. Ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn ló tó sọ fún wọn pé bí wọ́n bá ṣí ìròyìn ọrọ̀ ajé tí ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ń gbé jáde, wọ́n á rí ìsọ̀rí mẹ́ta: iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá, àti iṣẹ́ ìpèsè. Epo rọ̀bì àti kùsà wà ní ìsọ̀rí kejì níbẹ̀, nígbà tí wọ́n wà ní ẹ̀ka kìn-ín-ní nínú ìwé wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn tó gba àyè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìdánwò, ìlànà ìwé ló ń gba máàkì; ọmọ tó bá ka ìròyìn yẹn nìkan á pàdánù tirẹ̀.

Iṣẹ́ àmúrelé tó fún wọn ni kí oníkálùkù mú ilé iṣẹ́ kan ní àdúgbò rẹ̀, kó kọ ohun tó ń wọlé, ohun tó ń jáde àti ohun tí oníbàárà ń sanwó fún. Ọmọkùnrin oníkòkó yẹn yan ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà. Kí agogo tó lù ló ti bẹ̀rẹ̀ ìjà: inú ilẹ̀ ni omi ti ń jáde, ẹ̀ka kìn-ín-ní ni! Ẹni tó jókòó tì í ní wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń pa kòkòrò inú rẹ̀, wọ́n sì ń dì í sínú ọ̀rá, ẹ̀ka kejì ni. Olùkọ́ ní ẹni kejì ló jàre, nítorí kò sẹ́ni tó ń ra omi kànga lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ló bi ọmọ oníkòkó pé, ẹni tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá láti gbẹ́ bóòhóòlù yẹn fún wọn, tó gbowó rẹ̀ tó sì lọ, ẹ̀ka wo ni tirẹ̀? Ọmọ náà ronú títí, ó ní, "Bíi ti Bẹ́gà ni, Mà. Kíkọ́ ló kọ́ ọ."