Kòkó Gbígbẹ, Àwùjọ Méjì

Obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ níṣẹ́ mọ ọ̀rọ̀ sọ. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju pé kí kòkó gbẹ dáadáa kó tó wọ àpò. Lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lábúlé, kì í ka iye kankan. Á bu kòkó sọ́wọ́, á fún un mọ́ra létí ìyá tó jókòó níwájú: “Ẹ̀yin ìyá mi, ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún?” Èyí tí kò bá dún, nínú àpò ni yóò ti bu.

Níwájú ìgbìmọ̀ olùdarí ilé-iṣẹ́ tó ń ra kòkó n'Íbàdàn, ìṣirò ló ń gbé kalẹ̀. Bí wọ́n bá ra 100 tọ́ọ̀nù tí omi jẹ́ 12 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, tí wọ́n sá a títí omi fi ku 7, kò ní tó 95 tọ́ọ̀nù mọ́. Omi ni wọ́n fowó ìyókù rà.

Ohun tó wù mí jù ni pé kò fi ibi tó korò pamọ́. Ó ń sọ ọ́ lábúlé pé kòkó tútù wúwo lórí òṣùwọ̀n, ẹni tó bá sá a gbẹ ló ń pàdánù. Ìdí nìyẹn tó fi ń bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n fowó lé iye èyí tó gbẹ.